Core i7 ni, síbẹ̀ ó ń dákú: ohun tí ṣíìtì ńlá ń bèèrè lọ́wọ́ láptọ́ọ̀pù

Ẹ̀gbọ́n kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbbà lọ́sẹ̀ tí àwọn oníkajú ń palẹ̀ ọjà mọ́. "Ọkún o," ló kí mi, kò sì dúró gba èsì kó tó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì. Ìwé owó ló ń bá oníṣòwò kajú kan ṣe ní Ìyàrà. Ó ní, "Àbúrò, bá mi wò ó. Wọ́n ní Core i7 ni nígbà tí mo rà á. Ọmọdé tó ń bá wa ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì ń lo Core i5, tirẹ̀ ń sáré. Tèmi, bí mo bá ti ṣí ìwé kajú, mo lè lọ jẹ ẹ̀wà ní ìkóríta kí n padà dé, yóò ṣì máa yí."

Òun kọ́ ni àkọ́kọ́. Àwọn akáǹtáǹtì, àwọn tó ń ṣe owó oṣù, àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti Mọ̀pà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń gbé wá: kí ló dé tí nọ́ńbà tó tóbi jù lára láptọ́ọ̀pù kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ṣíìtì? Ìdáhùn mi ni pé nọ́ńbà tí wọ́n fi tà á fún yín kì í ṣe èyí tí iṣẹ́ yín nílò. Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹ̀gbọ́n yìí ṣe é.

## Ṣíìtì wo là ń pè ní ńlá?

Ṣíìtì ni ojú ewé alálà tí Excel fi ń ṣiṣẹ́. Àpótí kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ là ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Fọ́múlà sì ni òfin tí ẹ kọ sínú sẹ́ẹ̀lì pé kó lọ ṣe ìṣirò kan kó mú èsì wá.

Ṣíìtì kan nínú Excel òde òní gba ìlà 1,048,576. Àwọn fáìlì àtijọ́ tí orúkọ wọn parí sí .xls kò gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ mílíọ̀nù kan yìí, wọ́n rò pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn kò tíì dé ibẹ̀, ara dẹ àwọn. Ohun tí Excel gbà láàyè ni nọ́ńbà yẹn ń sọ o, kì í ṣe ohun tí láptọ́ọ̀pù yín lè gbé.

Fáìlì ẹ̀gbọ́n yìí ní ìlà 430,000. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbà kan tí wọ́n gbé kajú àgbẹ̀ kan sórí ìwọ̀n, láàárín ọdún méjì: ọjọ́, nọ́ńbà àgbẹ̀, abúlé, kílò, iye owó, owó tí wọ́n ti san ṣáájú, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé òpó 22. Ẹ fi 22 lu 430,000, ẹ ó rí sẹ́ẹ̀lì tó ju mílíọ̀nù 9 lọ. Òpó 6 nínú wọn sì jẹ́ fọ́múlà. Ìyẹn ni pé fọ́múlà tó wà nínú ṣíìtì kan ṣoṣo yìí ju mílíọ̀nù 2 àtààbọ̀ lọ.

Kò sì dá fáìlì yìí ṣí rí. Ó ní ti àwọn aṣojú tó ń bá wọn rajà ní Bùnú àti Yàgbà, ó ní ti báńkì, ó ní ti owó ọkọ̀. Márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú bùráúsà àti WhatsApp. Bí akáǹtáǹtì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kò sí bá a ṣe lè ní kó máa ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan.

## Ilẹ̀, àká àti ọwọ́

Ẹ fojú inú wo àgbàlá ẹni tó ń ra kajú. Àká kan wà tí àwọn àpò wà nínú rẹ̀, ẹnu wọn dì pinpin. Ilẹ̀ kan wà níwájú ilé tí wọ́n ti ń da kajú sílẹ̀ kí wọ́n lè ṣà á, kí wọ́n yọ èyí tó jẹrà. Àwọn ọmọọṣẹ́ tó ń ṣà á sì wà níbẹ̀.

Àká ni díìsìkì inú láptọ́ọ̀pù. Ibẹ̀ ni fáìlì ń sùn nígbà tí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ, iná lọ iná bọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ kò lọ. Ilẹ̀ ni ráàmù. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣí, orí ilẹ̀ yìí ni wọ́n ń dà á sí, bí ẹ bá sì pa ẹ̀rọ, ilẹ̀ á ṣófo. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣà á ni pùrósẹ́sọ̀, òun sì ni orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara láptọ́ọ̀pù: Core i3, Core i5, Core i7.

Ó dáa. Bí ẹ bá gba ọmọọṣẹ́ mẹ́wàá tí ọwọ́ wọn yá bí ìjì, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ kò gbà ju àpò méjì lọ, kí ni wọn ó máa ṣe? Wọn ó da àpò méjì sílẹ̀, wọn ó tún kó wọn padà sínú àká, wọn ó gbé méjì mìíràn jáde. Lílọ bíbọ̀ ni wọn ó fi ọjọ́ ṣe. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n wa gan-an nìyẹn.

## Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tó ti há?

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán, láptọ́ọ̀pù yín fúnra rẹ̀ máa sọ. Ẹ ṣí àwọn fáìlì tí ẹ máa ń ṣí lọ́jọ́ iṣẹ́, gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc. Task Manager yóò yọ. Ẹ lọ sí Performance, ẹ ó rí CPU, tó jẹ́ pùrósẹ́sọ̀, Memory, tó jẹ́ ráàmù, àti Disk.

Ti ẹ̀gbọ́n yìí kà báyìí nígbà tí Excel ń yí: Memory wà ní 7.6/7.9 GB, Disk wà ní 100%, CPU sì wà ní 14%. Mo ní kó wá wò ó. "Ẹ rí i? Core i7 tí ẹ san owó lé lórí, ó jókòó, ó ń retí. Ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ló ń lò."

Bí wọ́n ṣe ń ka a kò le. Bí Memory bá ti kún tán tí Disk sì ń pariwo ní 100%, ilẹ̀ ló kéré, àpò ni wọ́n ń kó wọlé kó jáde. Bí Memory bá ṣì ní àyè, tí CPU bá wà lókè gan-an nígbà tí Excel ń ṣírò, ọwọ́ ni kò tó. Bí Memory bá ní àyè, tí CPU jókòó, tí Disk nìkan ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ ń ṣí fáìlì tàbí tí ẹ ń fi pamọ́, àká ló lọ́ra. Ọ̀nà kẹrin wà, òun ló sì máa ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀.

## Fáìlì mi ò ju megi 58 lọ, báwo ló ṣe ń jẹ ráàmù gíìgì?

Ìbéèrè tó bi mí nìyẹn, ó sì tọ̀nà. Fáìlì .xlsx jẹ́ àpò tí wọ́n ki mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín kan (ẹ̀dà o, kì í ṣe ojúlówó), kí ẹ yí ìparí orúkọ rẹ̀ láti .xlsx sí .zip, kí ẹ sì ṣí i. Ẹ ó bá àwọn fódà nínú rẹ̀. Ẹ wọ xl, kí ẹ wọ worksheets, ẹ ó rí sheet1.xml. Nígbà tí a tú ti ẹ̀gbọ́n yìí sílẹ̀, sheet1.xml nìkan ju megi 600 lọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Àpò tí a ki mọ́lẹ̀ kò ṣe é ṣà. Excel gbọ́dọ̀ tú u dà sílẹ̀, kó sì tún fi tirẹ̀ kún un: ó ní láti mọ fọ́múlà wo ló gbára lé sẹ́ẹ̀lì wo, ó sì ní láti rántí ohun tí ẹ ṣe kẹ́yìn kí ẹ lè tẹ Ctrl+Z. Ìdí nìyẹn tí fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́ wẹ́rẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fi lè gba gíìgì kan sí méjì nígbà tó bá tẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi Windows fúnra rẹ̀ kún un, ẹ fi bùráúsà tó ṣí ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un, ẹ fi fáìlì mẹ́rin yòókù kún un. Gíìgì 8 ti tán.

Ní tèmi o, akáǹtáǹtì tó ń ṣí fáìlì ńlá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ ra láptọ́ọ̀pù tí ráàmù rẹ̀ kò ní dé gíìgì 16. Gíìgì 8 dára fún ẹni tó ń kọ lẹ́tà, tó ń ṣe ìwé owó ṣọ́ọ̀bù kékeré. Gíìgì 32 sì jẹ́ ti ẹni tó ń fi Power Query tàbí Power Pivot da ọ̀pọ̀ fáìlì pọ̀, nítorí àwọn irinṣẹ́ méjèèjì yìí ń tẹ́ dátà sílẹ̀ ní ibi tiwọn, yàtọ̀ sí èyí tó wà lójú ṣíìtì. Ẹni tó ń gbèrò MacBook kó rántí pé Power Pivot kò sí nínú Excel ti Mac rárá.

## Ṣé a lè fi ráàmù kún èyí tó wà nílẹ̀?

Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni, nígbà mìíràn rárá. Nínú Task Manager náà, lábẹ́ Memory, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Slots used sí. Bó bá jẹ́ 1 of 2, ihò kan ṣófo, ẹ dúpẹ́. Ẹ tún wo Form factor. Bó bá jẹ́ SODIMM, ráàmù náà ṣe é yọ, ó sì ṣe é fi sí. Bó bá jẹ́ Row of chips, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù pa, ohun tí ẹ rà náà ni ẹ ó máa lò títí. Àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ tó rí rẹ́gí lọ́wọ́ ni wọ́n sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Síbẹ̀, mo máa ń tú ìdí rẹ̀ wò kí n tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí Task Manager máa ń ṣi nǹkan kà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti ẹ̀gbọ́n wa jẹ́ 1 of 2. Mo fi gíìgì 8 mìíràn sí i, ó di 16. Mo tún yọ díìsìkì rẹ̀. Èyí tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ HDD, irú èyí tó ní àwo tó ń yí àti abẹ́rẹ́ tó ń kà á bí rẹ́kọ́ọ̀dù ayé àtijọ́. Mo fi SSD rọ́pò rẹ̀, èyí tí kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú. HDD láptọ́ọ̀pù ń ka nǹkan bíi megi 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD SATA lásán sì ń ka bíi 500. Ìyàtọ̀ yìí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù lọ, ju ti pùrósẹ́sọ̀ tuntun lọ pàápàá. Fún àwa tí à ń gbé láptọ́ọ̀pù sẹ́yìn ọ̀kadà láti Kàbbà lọ sí Ìsánlú lórí ọ̀nà tí ẹ mọ̀ yẹn, àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: abẹ́rẹ́ HDD kò fẹ́ kí wọ́n máa jù ú nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó kàn pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé láì pa á, tó gbé e gun ọ̀kadà lọ bẹ́ẹ̀, òun ló máa ń padà wá bá mi pé fáìlì òun kò ṣí mọ́.

Fáìlì tó ń gba ìṣẹ́jú 11 kó tó ṣí wá ń ṣí ní ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀. Ó ṣàdúrà fún mi, ó lọ.

## Ráàmù di 16, Excel ṣì ní kò sí àyè

Ọjọ́ kẹta, ìpè wọlé. "Àbúrò, ó tún ti bẹ̀rẹ̀." Ó ya ohun tó rí lójú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí mi: There isn't enough memory to complete this action. Ìyẹn ni pé àyè kò tó láti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo ní kó tẹ Ctrl+Shift+Esc, kó ka Memory fún mi. Ó ní 9.1/15.9 GB. Àyè gíìgì tó lé ní mẹ́fà ṣì wà nílẹ̀, Excel sì ń sunkún pé kò sí àyè.

Mo ní, "Ẹ lọ sí Processes. Kí ni wọ́n kọ síwájú Microsoft Excel?"

"Wọ́n kọ ọ́ pé 32 bit."

Ọ̀nà kẹrin tí mo sọ nìyẹn. Oríṣi Excel méjì ló wà. 64-bit lè lo gbogbo ilẹ̀ tó bá wà nínú ẹ̀rọ. 32-bit jẹ́ ti ayé àtijọ́, wọ́n ti fa okùn yí i ká láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gíìgì 2 péré ni tirẹ̀. Lórí Windows 64-bit, wọ́n ti tú okùn náà díẹ̀ fún Excel 2016 àti èyí tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kó lè dé 4. Ẹ lè ní àgbàlá tó tó pápá bọ́ọ̀lù, bí Excel yín bá jẹ́ 32-bit, inú okùn yẹn ni yóò ti máa da kajú rẹ̀. Ẹ sì fiyè sí i: gbogbo fáìlì tí ẹ ṣí ló ń pín inú okùn kan náà. Ìdí nìyẹn tí fáìlì kan máa fi ṣí dáadáa lóun nìkan, tí yóò sì kọ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí mẹ́rin.

Ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ ọ́n ni pé kí ẹ lọ sí File, Account, About Excel. Wọ́n kọ ọ́ sókè níbẹ̀, 32-bit tàbí 64-bit. Láti ìgbà Office 2019 ni 64-bit ti di èyí tí wọ́n ń fi sí bí ẹ kò bá yan nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ máa ń wọlé pẹ̀lú Office àtijọ́ nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ èyí wò níbi tí wọ́n ti ń tà á.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí ẹ yọ Office kúrò, kí ẹ sì fi 64-bit sí i. Àwọn méjèèjì kì í gbé pọ̀ lórí ẹ̀rọ kan. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: bí ẹ bá ń lo irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n so mọ́ Excel láti inú sọ́fítíwià ìṣirò owó ọ́fíìsì yín, ẹ bi ẹni tó fi í sí bóyá ó ní ẹ̀yà 64-bit. Èyí tí kò bá ní kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa kò ní ìṣòro yìí. A yí i padà, igbe "kò sí àyè" sì dópin.

## Pùrósẹ́sọ̀ wá ńkọ́?

Ìgbà tí ilẹ̀ ti fẹ̀, tí àká ti yá, ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó kàn. Nígbà tí ṣíìtì bá ń ṣírò, ẹ wo ìsàlẹ̀ Excel lápá ọ̀tún, ẹ ó rí Calculating àti iye Threads, ìyẹn iye ibi tí iṣẹ́ ń gbà lọ nínú pùrósẹ́sọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ẹ̀gbọ́n yìí jẹ́ 4. Ti ọmọdé inú ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́ 8.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Torí Core i7 tirẹ̀ jẹ́ i7-6600U, tó jáde ní 2015. Ọwọ́ gidi méjì péré ló ní nínú, Threads mẹ́rin. Core i5 ti ọmọdé náà jẹ́ i5-1135G7 ti 2020: ọwọ́ gidi mẹ́rin, Threads mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì tún yá ju ti àtijọ́ lọ. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì kékeré yẹn ló ń sọ ọjọ́ orí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6, ìran kẹfà ni. 8, ìran kẹjọ. 11, ìran kọkànlá. i7 tó jẹ́ ìran kẹfà dà bí ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì. Oyè wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, ọmọ ogún ọdún yóò sì gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé bí ọwọ́ bá ṣe pọ̀ tó náà ni iṣẹ́ ń yá tó. Àwọn fọ́múlà kan wà tí ìkan ń dúró de èkejì. Ẹ mú òpó "owó tó ṣẹ́ kù": ìlà 3 ń wo ìlà 2, ìlà 4 ń wo ìlà 3, títí dé ìlà 430,000. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń tò láti na bíríkì sí ara wọn ni. Bí ẹ pe ogún ènìyàn kún wọn, bíríkì kan náà ni yóò ṣì máa ti ọwọ́ dé ọwọ́. Mákírò náà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n fi VBA kọ kí Excel máa dá iṣẹ́ ṣe, ọwọ́ kan ṣoṣo ni í lò. Nítorí náà, ọwọ́ díẹ̀ tó yá wúlò fún akáǹtáǹtì ju ọwọ́ púpọ̀ tó lọ́ra lọ. Káàdì àwòrán olówó ńlá tí wọ́n fi ń ta láptọ́ọ̀pù àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Fọ́múlà inú ṣíìtì kò mọ̀ ọ́n.

Kí n tó ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra pùrósẹ́sọ̀ tuntun, mo máa ń wo fọ́múlà rẹ̀ ná. Òpó mẹ́rin nínú mẹ́fà ẹ̀gbọ́n yìí ń wá àgbẹ̀ kan náà nínú ìwé orúkọ àwọn àgbẹ̀ 3,000, báyìí:

```
=VLOOKUP(B2,Agbe!A:F,4,FALSE)
```

FALSE yẹn túmọ̀ sí pé kó wá nọ́ńbà náà gan-an, kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó jọ ọ́. Nínú Excel 2016 tó ń lò, yóò máa wo orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òkè títí yóò fi bá a. Bí a bá ní yóò wo 1,500 kó tó rí ọ̀kan, tí a fi 430,000 lù ú, tí a tún fi òpó mẹ́rin lù ú, wíwò náà ju bílíọ̀nù 2 àtààbọ̀ lọ. Excel inú Microsoft 365 ti gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń rántí ohun tó ti wá tẹ́lẹ̀. Ti 2016 kì í rántí.

A wá ní kó wá ipò àgbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó kọ ọ́ sí òpó W, kí àwọn òpó mẹ́rin náà máa mú láti ibẹ̀:

```
=MATCH(B2,Agbe!A$2:A$3001,0)
=INDEX(Agbe!D$2:D$3001,W2)
```

Wíwá mẹ́rin di ẹyọ kan. Ìṣirò tó ń gba bí ogójì ìṣẹ́jú àáyá bọ́ sí bí méjìlá, láì ná kọ́bọ̀. Mo tún kọ́ ọ láti lọ sí Formulas, Calculation Options, kó yan Manual nígbà tó bá ń tẹ iṣẹ́ púpọ̀ wọlé, kó sì tẹ F9 nígbà tó bá fẹ́ èsì. Ewu kan wà nínú èyí: bí ẹ bá gbàgbé F9, nọ́ńbà àná ni ẹ ó tẹ̀ sórí bébà fún ọ̀gá. Ẹ máa wo ìsàlẹ̀ lápá òsì. Bó bá kọ Calculate síbẹ̀, èsì yín ti gbó.

## Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn ńkọ́?

Nítorí kò sí bí ọ̀rọ̀ kò ṣe ní kan rírà. Àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 ti dópin ní oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì gba ìran kẹfà ní ìbámu pẹ̀lú òfin Microsoft. Láti ìran kẹjọ Intel lọ sókè ni wọ́n ń gbà. Nítorí náà, i7 ẹ̀gbọ́n yìí yóò ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i, àmọ́ mi ò ní dámọ̀ràn irú rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sọ́jà.

Ọmọ ìyá tòkúnbọ̀ ni gbogbo wa níbí, mi ò sì rí àbùkù nínú rẹ̀. Core i5 ìran kọkànlá tòkúnbọ̀, pẹ̀lú ráàmù gíìgì 16 àti ihò kan tó ṣófo, àti SSD gíìgì 512, dára fún iṣẹ́ yìí ju i7 àtijọ́ tó ń dán lọ. Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe rí pẹ̀lú: 1366 x 768 yóò fi òpó díẹ̀ hàn yín, ẹ ó sì máa fà á sọ́tùn-ún sósì títí ọrùn yóò fi ro yín. 1920 x 1080 ni kí ẹ bèèrè. Ẹni tó ń tẹ nọ́ńbà láti àárọ̀ dé alẹ́ kó wá èyí tó ní àwọn bọ́tìnnì nọ́ńbà lápá ọ̀tún, tàbí kó ra kíbọ́ọ̀dù nọ́ńbà tí wọ́n ń so mọ́ ọn.

Iná kò dúró lọ́dọ̀ wa, ẹ sì mọ̀. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù máa ń dẹ ẹsẹ̀ pùrósẹ́sọ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá wà lórí bátìrì, kí bátìrì lè pẹ́. Bí ṣíìtì yín bá yá nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún, tó sì ń wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n pa á, ẹ lọ wo Power mode nínú Settings kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó tà á fún yín.

Ẹ̀gbọ́n wa ti ń ṣètò láti ra òmíràn kí kajú ọdún tó ń bọ̀ tó wọlé. Mo ti sọ fún un pé kó má lọ lọ́wọ́ òfo: kó kó fáìlì kajú yẹn sínú fláàṣì, kó dé iwájú ẹni tó ń tà á, kó ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù náà pẹ̀lú méjì mìíràn, kó tẹ Ctrl+Alt+F9 tó máa fi agbára mú Excel láti tún gbogbo ìṣirò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì ṣí Task Manager sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ẹ̀ẹ̀kẹta bá pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, tí ìdí láptọ́ọ̀pù sì gbóná bí ìkòkò, fáànù rẹ̀ ti di eruku tàbí ó ti ń kú, pùrósẹ́sọ̀ sì ń dín eré kù kó má bàa jóná. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹni tó ń tà á máa gbà kí n ṣe gbogbo ìyẹn?"

Mo ní, "Ẹni tí kò bá gbà, ẹ gbé owó yín, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì."